Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Tuntun Ń Wọ́

Gbogbo ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé ni a máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu àwọn sitaláìtì: "Jámbáìtì yẹn ló gọ̀. Ta ló ní kó sanwó ilé tí kò fojú rí?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i, ó parí. Àwa kò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kò gọ̀. Àwa tí a wà nítòsí, tí a mọ àdúgbò, tí ọ̀kadà kan ṣoṣo lè gbé dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, àwa gan-an ni a fi í lé gbájúẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò dùn ún gbọ́: jìbìtì ilé kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun láìgba ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fọkàn tán kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí a mọ̀ yẹ̀ wò. A kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kàdúná ni ọmọbìnrin náà wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tó rí ìwé ìgbaniwọlé gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀dì nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sì ní ẹbí kankan nílùú tó ń bọ̀. Nínú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló ti rí àwòrán yàrá kan tó dá ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gan-an ló gbé àwòrán náà síbẹ̀. Ohun tó fi í lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn. Ó rò pé bí ẹ̀gbọ́n òun bá ti gbé e síta, á jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun mọ ilé náà.

Wọ́n ní owó ilé ọdún kan jẹ́ 250,000 náírà. Agírímẹ́ǹtì jẹ́ 25,000, kọmíṣọ́ọ̀nù ejẹ́ǹtì jẹ́ 25,000, kọ́ṣọ̀n jẹ́ 20,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 320,000. Àmọ́ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun, kó kọ́kọ́ san 5,000 owó ìyẹ̀wò. Ó san án. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi fídíò ránṣẹ́. Inú yàrá ni fídíò náà ti bẹ̀rẹ̀, inú yàrá náà ló parí sí. Kò sí títì níbẹ̀, kò sí géètì, kò sí nọ́ńbà ilé. Lọ́jọ́ kẹta, ejẹ́ǹtì pè é pé ẹlòmíràn ti kó owó dání, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bó bá lè fi 100,000 dá yàrá náà dúró, òun á bá a lé ẹni náà padà. Ó fi í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ó san 220,000 tó kù. Orúkọ tó jáde lójú fóònù kó tó tẹ bọ́tìnnì kì í ṣe orúkọ onílé tí wọ́n sọ fún un. Wọ́n ní akọ̀wé onílé ni. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ gáàdì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló dé pẹ̀lú ẹrù. Ilé náà wà lóòótọ́, yàrá náà sì wà. Ẹnì kan ló ń gbé inú rẹ̀, owó onítọ̀hún sì ṣì ku oṣù márùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn mẹ́ta mìíràn tún dé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú rìsíìtì yàrá kan náà dání. Bí a bá ṣírò 320,000 lọ́nà mẹ́rin, ó jẹ́ 1,280,000 náírà lórí yàrá tí kì í ṣe ti ẹni tó gbà á, láìka owó ìyẹ̀wò mọ́ ọn.

Báwo ni fídíò ṣe dé ọwọ́ rẹ̀? Ó ti wá sílé náà rí, ó ní onílé ló rán òun láti wá wo ibi tí omi ń jò. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, òun náà sì fi fóònù ya gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ńkọ́? Kò dé ilé náà rí láyé rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí 5,000 fún un lórí ẹnikẹ́ni tó bá mú wá, ó sì gbé àwòrán tí wọ́n fún un sórí sítétọ́ọ̀sì rẹ̀. Nígbà tí wàhálà dé, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni, kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tí ọmọ náà gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ó mọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tó bá polówó yàrá tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ti di alábàáṣe oníjìbìtì. Àjèjì kò lè rí ọmọ Kàdúná mú bí kò bá sí ẹni tó ń jẹ́ "ẹ̀gbọ́n" tó máa yá a lójú. Ojú wa ló ń rà, 5,000 sì ni iye tó ń san lórí rẹ̀.

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ìbáwí nìkan. Ẹni tó wà níbi jíjìn lè yẹ ilé wò, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú fídíò tí wọ́n ti yà sílẹ̀. Ìpè fídíò ni kó béèrè fún, ní àkókò tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Kí ẹni tó ń fi ilé hàn án bẹ̀rẹ̀ láti títì ńlá, kó fi ọ̀nà hàn án dé géètì, kó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn lójú rẹ̀, kó ṣí omi, kó sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò kan. Ìbéèrè kan péré ni kó bi aládùúgbò náà: "Ta ni ẹ máa ń sanwó ilé fún?" Gbájúẹ̀ lè wọ yàrá kan lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti kọ́ gbogbo ilé ní irọ́ kan náà.

Ọgbọ́n kejì wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kó ní kí wọ́n fi nọ́ńbà mítà iná yàrá náà hàn òun nínú ìpè fídíò yẹn. Kó wọ áàpù bánkì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra iná, kó tẹ nọ́ńbà náà sí i. Kó tó sanwó rárá, orúkọ tí wọ́n fi forúkọ mítà náà sílẹ̀ á jáde, àdírẹ́sì náà sì máa ń bá a jáde nígbà mìíràn. Kó dúró níbẹ̀, kó má san nǹkan kan. Bí orúkọ yẹn, orúkọ onílé tí wọ́n sọ, àti orúkọ inú àkáǹtì tí wọ́n ní kó sanwó sí bá jẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé bàbá onílé tó ti kú ni orúkọ rẹ̀ wà lórí mítà, tàbí ẹni tó ta ilé náà. Àwọn ilé kan náà sì wà tí onílé fúnra rẹ̀ ra mítà kéékèèké sí yàrá kọ̀ọ̀kan, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kì í jáde. Nítorí náà, orúkọ tí kò bára mu kì í ṣe ẹ̀rí olè, ìbéèrè ló jẹ́. Olóòótọ́ á dáhùn ín. Ẹni tó bá bínú tó ní "ṣé o rò pé olè ni mí?" ti dáhùn tirẹ̀ náà.

Àwọn kan máa ń sọ pé bí a bá ní kí ọmọ tuntun dúró yẹ gbogbo èyí wò, yàrá á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń wọlé, ilé kì í pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n yàrá tó bọ́ ṣì ní arákùnrin, 320,000 tó lọ kò ní. Kí ọmọ náà fi ẹrù sílé, kó gbé báàgì ọ̀sẹ̀ kan wá, kó bá ẹnì kan gbé fúngbà díẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ wá ilé. Ta ló máa gbà á sílé? Àwa ni. Bẹ́ẹ̀dì tí a máa ń fi gba ọ̀rẹ́ wa nígbà ìdánwò ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ejẹ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, kó jẹun. Kó gba kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣílẹ̀kùn. Owó tó ṣáájú kọ́kọ́rọ́ ni a ń bá jà, yálà wọ́n pè é ní owó ìyẹ̀wò, owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdádúró.

Ẹ má sì sọ pé òfin kò sí. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ayálégbé ọdún 2011 ní kí onílé fún ẹni tó sanwó ní rìsíìtì tó ní ọjọ́, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà wà fún. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2006 lórí jìbìtì ní kí ẹni tó fi irọ́ gbowó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje ó kéré tán, ogún ọdún ó pọ̀ jù, láìsí owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n owó máa ń dé àkáǹtì gbájúẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá lù gbọ́dọ̀ pe bánkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n gbìyànjú láti dí àkáǹtì tí owó wọ̀, kó tó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹni tó bá fi ìtìjú dúró di ọjọ́ kejì sábà máa ń bá àkáǹtì lófìfo. Ẹ̀rín tí àwọn sitaláìtì ń rín ló ń fa ìtìjú yẹn.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí á máa bá ọmọ tuntun wo ilé lórí ìpè fídíò, kí ọmọ náà san owó ọ̀kadà nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde tí ẹ ṣì ń gbé nílùú, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀ fún àdúgbò tí ẹ mọ̀. Kí gbogbo wa tó ní sítétọ́ọ̀sì sì gbà pé a kò ní gbé yàrá tí a kò wọ̀ síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá tún gbé e, tí ọmọ ọlọ́mọ sì ti ibẹ̀ pàdánù owó, kó má sọ fún wa pé òun kò mọ nǹkan kan. Owó ọmọ náà ni kó wá bí á ṣe dá padà.