Fífa Ojú Ro Kò Kọ́ Ẹnikẹ́ni Níṣẹ́ Ọ̀gá

Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan ga lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn tí wọ́n jọ jókòó lánàá sì di ọmọ abẹ́ rẹ̀ lónìí, ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo ẹnu máa ń fún un. Fa ojú ro. Kúrò lórí Wáásáàpù wọn. Má bá wọn jẹun mọ́. Bí wọ́n bá ti rí eyín rẹ, ó parí nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ ní Àbújá, mo ti gbọ́ ọ ní Kàdúná, ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ákrà sì sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe sọ fún òun náà. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Mo tún gbà pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń sọ ọ́ ń fi bo iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe mọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà ni kó jókòó ti ẹni tuntun yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó tọ́ ọ sọ́nà bí kóòṣì ṣe ń ṣe fún agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá síbi tí mo mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe tẹ́là fún ọdún mẹ́ta ní ẹ̀ka báńkì kan ní Àbújá. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jọ ń jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́tà dé pé ó ti di olórí tẹ́là, nígbà tó sì máa fi di Mọ́ńdè, àwọn márùn-ún yòókù ti wà lábẹ́ rẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà, olórí tẹ́là ló ń pín owó fún àwọn tẹ́là láàárọ̀. Òun ló ń gbà á padà bí ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn bá ti kọjá iye tí báńkì fọwọ́ sí. Òun àti òṣìṣẹ́ kan mìíràn ni wọ́n jọ ń di kọ́kọ́rọ́ yàrá owó mú, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà lè dá a ṣí. Bí báńkì bá ti ilẹ̀kùn tán lọ́sàn-án, yóò ka owó tẹ́là kọ̀ọ̀kan, yóò fi wé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, yóò sì buwọ́ lùwé. Owó tó bá dín, ọjọ́ tó dín gan-an ló gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Kí ni wọ́n fún ọ̀rẹ́ mi láti fi ṣe èyí? Lẹ́tà, kọ́kọ́rọ́, àti ẹ̀kọ́ wákàtí díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nípa bí a ṣe ń dá ayédèrú owó mọ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ inú ẹ̀ka náà pè é sí ọ́fíìsì, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n rí eyín ẹ o." Ìtọ́sọ́nà tán.

Ọmọ dáadáa ni ọ̀rẹ́ mi, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó jáde kúrò lórí Wáásáàpù wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá jẹ ìrẹsì rẹ̀ lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìkéde ní pápákọ̀ òfuurufú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ gbàyè lọ sílé ìwòsàn kì í wá bá a mọ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ni wọ́n ń gbà lọ tààrà, ọ̀gá náà á sì fọwọ́ sí i. Òun á kàn rí i pé àga kan ṣófo.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́ gan-an, ₦20,000 ló dín nínú dúrọ́ọ̀ ẹni tí wọ́n jọ jókòó pẹ̀kí-ǹ-pẹ̀kí fún ọdún mẹ́ta. Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tẹ́là tí owó rẹ̀ bá dín ló sábà máa ń san án. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tẹ́là wa jẹ́ òṣìṣẹ́ àgbàṣe, tí ilé-iṣẹ́ mìíràn gbà síṣẹ́ fún báńkì, owó oṣù wọn kò sì tó nǹkan. Nítorí náà wọ́n máa ń dáwó fún ara wọn kí olórí tẹ́là tó ka ti onítọ̀hún, ẹni tí wọ́n dá a fún á san án padà nígbà tí owó oṣù bá wọlé. Ọ̀rẹ́ mi náà ti jẹ nínú oore yìí rí: ₦12,000 ni wọ́n fi yọ ọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹni tí owó rẹ̀ dín lónìí yìí ló sì dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oṣù ti ń parí lọ. Obìnrin náà sọ pé, "Kàn buwọ́ lù ú, n óò mú un wá láàárọ̀ kùtùkùtù ọ̀la." Ọ̀rẹ́ mi buwọ́ lù ú. Owó náà dé láàárọ̀ ọ̀la bí wọ́n ṣe sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn, kò sì sí ọ̀nà láti sọ pé rárá fún un, torí gbogbo wọn mọ ti àkọ́kọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn olùṣàyẹ̀wò báńkì yọ dé láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì gba ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ. Kí lẹ rò pé ọ̀gá sọ? "Mo ti kìlọ̀ fún ọ pé kó o má bá wọn ṣeré."

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ eléyìí. Ṣé kò bá wọn ṣeré ni? Odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi di ojú! Ojú dídì kò sọ fún un ohun tó yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, tí ẹni tó ṣe é lóore bá dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀ tí kò pé. Ká sọ òótọ́, ó tún mú kó ṣòro sí i. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún bínú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìnídìí á máa wá ọ̀nà láti fi hàn pé òun kò tíì yí padà, ìbuwọ́lùwé yẹn ló sì fi san gbèsè náà.

Kí ló yẹ kí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe? Ohun àkọ́kọ́ kò kan ọ̀rẹ́ mi rárá. Àgbà kan wà láàárín àwọn tẹ́là náà tó ti ń retí ipò yẹn, Ántí ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀gá ló yẹ kó pe Ántí ṣáájú kí lẹ́tà tó jáde, kó sọ fún un fúnra rẹ̀ pé kò bọ́ sí i lọ́wọ́, kó sì sọ ìdí rẹ̀. Bí a bá fi èyí sílẹ̀ fún ẹni tuntun, à ń ní kó tọrọ àforíjì fún ìgbéga tí kò fún ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹni tuntun bá àwọn márùn-ún sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ogún ìṣẹ́jú fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ántí. Kì í ṣe ìpàdé gbogbogbòò o, torí nínú ìpàdé, gbogbo ènìyàn á kàn máa mi orí ni. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ kò gùn: "A ti jọ ń bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ìyẹn kò yí padà. Àmọ́ owó tó bá dín, n óò kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó dín, ìbáà jẹ́ tìẹ, ìbáà jẹ́ ti ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ lo ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́." Kó wá bi í pé kí ni kò dára nínú bí olórí tẹ́là tó lọ ṣe ń ṣe é, kó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn.

Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ yìí rọrùn. Lẹ́nu, ó ń gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọ̀gá bá a ṣe ìdánrawò rẹ̀ sókè ketekete. Kí ọ̀gá ṣe bí ẹni pé òun ni tẹ́là tí owó dín lọ́wọ́ rẹ̀: kó bẹ̀bẹ̀, kó mẹ́nu ba ₦12,000 àná. Kí ẹni tuntun sì dáhùn títí tí yóò fi rí gbólóhùn tó bá a lẹ́nu mu. Èyí tí ọ̀rẹ́ mi padà rí, lẹ́yìn tí ojú ti rí nǹkan, ni: "Mo ń kọ ọ́ báyìí. Tí mo bá kọ ọ́ tán, màá jókòó tì ọ́ ká jọ wá ibi tí owó náà gbà lọ, màá sì tẹ̀ lé ọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá." Ìwé ṣáájú, àánú tẹ̀ lé e. Bí àwọn tẹ́là bá fẹ́ dáwó fún ara wọn lẹ́yìn tí ìwé ti pé, ìyẹn ọwọ́ wọn. Òun ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lówó mọ́, torí ẹni tó bá yá ọ̀kan ti jẹ àwọn mẹ́rin yòókù ní gbèsè.

Ó kan ọ̀gá náà fúnra rẹ̀. Nígbàkígbà tí tẹ́là bá gba ẹ̀yìn wá tọrọ àyè, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kó jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé o ti sọ fún olórí tẹ́là?" Bí kò bá tíì sọ, kó padà lọ. Ọ̀gá tó bá ń fọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn ti gba ipò náà padà lọ́wọ́ ẹni tó fi í fún, bí ó tilẹ̀ fi lẹ́tà mẹ́wàá gbé e ga. Yàtọ̀ sí èyí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe láti ka àṣìṣe sí i lọ́rùn; láti bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kó ti sọ lọ́sẹ̀ yìí tó ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àti pé ta ni. Kóòṣì kì í wọ pápá lọ gbá bọ́ọ̀lù náà. Ọ̀gá tó bá lọ bá tẹ́là náà sọ̀rọ̀ dípò olórí tẹ́là ti wọ pápá nìyẹn.

Lọ́dún 1992, Linda Hill ti Yunifásítì Harvard gbé ìwé kan jáde lórí àwọn máníjà tuntun 19 tó tẹ̀ lé fún odindi ọdún àkọ́kọ́ wọn. Ohun tó kọ síbẹ̀ bá ti ọ̀rẹ́ mi mu: wọ́n rò pé ipò á mú kí wọ́n máa pàṣẹ, wọ́n wá rí i pé àṣẹ nìkan kò gbé wọn débì kankan. Inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní ti òyìnbó nìyẹn, pé níbí, ẹni tó bá ń bá ọmọ abẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín á pàdánù ọ̀wọ̀, pàápàá bí àgbà bá wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo Ántí. Ọ̀rẹ́ mi kò fìgbà kankan jáwọ́ nínú pípe é ní Ántí, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Nígbà tí owó Ántí dín ní ₦5,000, ó sọ pé, "Ántí, ẹ má bínú, mò ń kọ ọ́," ó sì kọ ọ́. Ántí bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó wá bá a tọrọ àyè fúnra rẹ̀, kò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.

Mi ò sọ pé èyí wo gbogbo àrùn. Kò fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ àgbàṣe. Bí báńkì kò bá sì jẹ́ kí olórí tẹ́là ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ kan péré, títọ́ sọ́nà kò lè fún un ní ohun tí kò sí. Àmọ́ àmì wà tí ọ̀gá lè fi mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́ kí àwọn olùṣàyẹ̀wò tó dé. Bí ẹni tuntun bá ń dúró di aago mẹ́jọ alẹ́, tó ń bá àwọn ẹlòmíràn ka owó wọn, ó ń sá fún ọ̀rọ̀ kan ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀gá ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn àárín wọn, kó yẹ ara rẹ̀ wò.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi lọ sí ẹ̀ka mìíràn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tẹ́là kan ṣe olórí lábẹ́ rẹ̀. Ó pe ẹni tí ipò náà kò bọ́ sí lọ́wọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú lẹ́tà, ó sì ti ya aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún olórí tẹ́là tuntun náà. Ó ní ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ọmọ náà béèrè bóyá kí òun jáde kúrò lórí Wáásáàpù wọn. Ó ní kó dúró níbẹ̀, ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa dúrọ́ọ̀.