Ọ̀bùn Kọ́ Ni Ẹni Tí Jẹ́sì Rẹ̀ Ń Rùn

Ní Ìkirè àti Àpòmù, bí ọmọkùnrin kan bá wọ jẹ́sì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wá sí pápá, tí òórùn òógùn sì ti ń yọ kó tó sáré rárá, ọ̀bùn ni wọ́n á pè é. Wọ́n á ní kó lọ fi kún ọṣẹ. Irọ́ pátápátá ni. Aṣọ ló yẹ ká bá wí.

Òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ òógùn abíyá àti òróró ara, ohun tí wọ́n bá sì sọ ọ́ dà ló ń rùn. Pọliẹ́sítà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jẹ́sì, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣe ike ìgò omi. Kì í fẹ́ mu omi, àmọ́ ó máa ń fa òróró mọ́ra. Ẹni tó bá ti gbé dòdò Ìkirè sínú abọ́ ike rí mọ bí epo ṣe máa ń dì mọ́ ọn.

Ní 2014, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Gẹ́ǹtì ní Bẹ́líjíọ̀mù ní kí ènìyàn 26 wọ ẹ̀wù òwú tàbí ẹ̀wù oníke gun kẹ̀kẹ́ ìdárayá. Wọ́n tọ́jú àwọn ẹ̀wù náà fún wákàtí 28 kí wọ́n tó gbóòórùn wọn. Pọliẹ́sítà ló rùn jù, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní máíkírókọ́kọ́ọ̀sì sì ti pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Eré ìdárayá kan náà ni gbogbo wọn ṣe. Aṣọ ló yàtọ̀.

Ọṣẹ àpọ̀jù kò ran nǹkan kan lọ́wọ́. Èyí tí omi kò bá ṣàn dànù á jókòó sínú aṣọ, ìdọ̀tí á sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun amáṣọrọ̀ tí àwọn kan ń dà sínú omi ìkẹyìn tún burú jù, nítorí ó máa ń bo òróró mọ́lẹ̀. Bílíìsì ńkọ́? Ó máa ń ba okùn tó ń fà nínú jẹ́sì jẹ́. Lọ́fínńdà ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ yí inú jẹ́sì síta. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ lè gbà, pẹ̀lú ọṣẹ oníyẹ̀fun ìwọ̀nba. Ẹ fọwọ́ ra abíyá rẹ̀ dáadáa, ẹ ṣàn án títí omi á fi mọ́ kedere, kí ẹ sì sá a níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹni tó bá ká a mọ́ inú ọ̀rá láìfọ̀ láti àárọ̀ títí di ọjọ́ kejì, òun la lè bá wí díẹ̀.

Ẹ má fi imú dán jẹ́sì tí ẹ fọ̀ wò nígbà tó bá tutù, torí ó lè tàn yín. Ẹ fọwọ́ fún abíyá rẹ̀ mọ́ra títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀: ooru ló ń lé òórùn tó fara pamọ́ jáde. Bí ó bá ṣì ń rùn, ẹ tún un rẹ. Bí ìrẹ kejì kò bá sì ràn án, ẹ sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀, kí ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.