60 Pé, Síbẹ̀ Ìdáhùn Kò Tọ̀nà

 

Lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì tí a ṣe kọjá, àwa bíi mélòó kan jókòó, a fi iṣẹ́ wa wé ara wa. Ìbéèrè kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wa kọ 36 kN àti 24 kN. Àwọn kan kọ 30 àti 30. Ìwọ̀nba ló kọ 45 àti 15, àwọn yẹn ló sì gbà á. Ohun tó dùn wá jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó fi ìwé sílẹ̀. A ro ipá méjèèjì pọ̀, ó pé 60, ọkàn wa balẹ̀, a dìde.

Èrò wa ni pé àyẹ̀wò yẹn gan-an ló tàn wá. Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ kí ẹ lè rí ohun tí à ń sọ.

Ọ̀pá irin kan wà láàárín ògiri méjì, A lápá òsì, B lápá ọ̀tún. Wọ́n ti so orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri pinpin. Ọ̀pá náà kò nípọn bákan náà jálẹ̀. Láti A dé ojúkò C, gígùn rẹ̀ jẹ́ 400 mm, ojú-gígé rẹ̀ sì jẹ́ 500 mm². Láti C dé B, gígùn rẹ̀ jẹ́ 600 mm, ojú-gígé rẹ̀ sì jẹ́ 250 mm². Irin kan náà ni gbogbo rẹ̀, E rẹ̀ sì jẹ́ 200,000 N/mm². A wá fi ipá 60 kN ti ọ̀pá náà ní C, kó máa lọ sí ìhà B. Èló ni ògiri kọ̀ọ̀kan yóò fi dá a dúró?

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo wa kọ kò ní àṣìṣe nínú. Ògiri A ń fa ọ̀pá padà sẹ́yìn, ògiri B ń tì í padà, àwọn méjèèjì ló jọ ń dènà 60 kN yẹn:

```
R_A + R_B = 60 kN
```

Ìlà ìṣirò kan rèé, ohun tí a kò mọ̀ sì jẹ́ méjì. 36 àti 24 tẹ́ ẹ lọ́rùn. 30 àti 30 tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kódà 59 àti 1 tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹlẹ́rìí tó ń gbè sẹ́yìn gbogbo ẹni tó bá wọlé wá, ta ló lè fi dá ẹjọ́? Nítorí náà, ẹni tó ro ipá méjèèjì pọ̀ tó sì rí 60 kò tíì yẹ nǹkan kan wò. Ohun tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ló tún kà fún ara rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì wà nínú ìbéèrè náà, a kàn fojú fò ó ni: ògiri méjèèjì kò ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí ògiri kò bá ṣí, àròpọ̀ gígùn ọ̀pá láti A dé B kò lè yí padà. C lè sún sọ́tùn-ún díẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí AC bá fi gùn sí i ni CB gbọ́dọ̀ fi kúrú. Ìbáramu ìyípadà gígùn kò ju ìyẹn lọ. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí nǹkan wà àti ibi tó sún dé ni.

Iye tí ọ̀pá fi ń gùn tàbí kúrú ni ipá inú rẹ̀ lọ́nà gígùn rẹ̀, tí a fi ojú-gígé àti E pín. Ipá inú AC ni R_A, tó ń fà á. Ipá inú CB ni R_B, tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìlà kejì wá di:

```
R_A(400)/(500E) - R_B(600)/(250E) = 0
0.8 R_A = 2.4 R_B
R_A = 3 R_B
```

Bí a bá fi èyí sínú ìlà àkọ́kọ́, R_A jẹ́ 45 kN, R_B sì jẹ́ 15 kN. E ti pa ara rẹ̀ rẹ́ nítorí irin kan náà ni gbogbo ọ̀pá. Ká ní apá kan jẹ́ irin, apá kejì jẹ́ bàbà, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò tó yẹ ká ṣe nìyí: ẹ wá ibi tí C sún dé láti ọ̀dọ̀ ògiri méjèèjì. Láti A, 45,000 N mú kí AC gùn sí i ní 0.18 mm. Láti B, 15,000 N mú kí CB kúrú ní 0.18 mm. Ó bára mu. Ẹ wá fi 36 àti 24 dán an wò. AC gùn sí i ní 0.144 mm, CB sì kúrú ní 0.288 mm. Ìyẹn ni pé C wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. C kì í ṣe ìbejì. Ká ní a lo ìṣẹ́jú kan péré lórí àyẹ̀wò yìí, à bá ti mọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò pé nǹkan ti ṣe.

Níbo wá ni 36 ti wá? Inú fọ́múlà tí gbogbo wa ti kọ́ sórí ni:

```
R_A = P b / L
```

60 lọ́nà 600, ká fi 1000 pín in, ó di 36. Fọ́múlà náà kò purọ́. Inú ìbáramu yìí kan náà ni wọ́n ti bí i, nígbà tí ọ̀pá nípọn bákan náà jálẹ̀, tí ojú-gígé sì pa ara rẹ̀ rẹ́ bí E ṣe ṣe lókè yìí. Àwa la mú ọmọ, tí a fi ìyá sílẹ̀. Nínú ìbéèrè tiwa, AC kúrú ó sì nípọn, CB gùn ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà AC le ní ìlọ́po mẹ́ta CB. Ìka kò dọ́gba. Nígbà tí C bá sún, èyí tó le jù ló ń kọ̀ jù, òun náà ló sì ń ru ẹrù jù.

Àwọn akẹgbẹ́ wa kan sọ pé kò burú, kí á wá kọ́ fọ́múlà ọ̀pá alápá méjì sórí náà. A kò gbà, ohun tó sì fà á rèé. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà wà bó ṣe wà, àmọ́ kí àlàfo 0.1 mm wà láàárín orí rẹ̀ àti ògiri B kí ẹrù tó dé. Ìyẹn kò ju nípọn bébà kan tí a fi ń ṣe fọ́tòkópì lọ. Fọ́múlà méjèèjì ti dákẹ́. Ìbáramu kò dákẹ́. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló yí padà, tí òdo di 0.1.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá àlàfo náà tilẹ̀ máa dí. Bí ògiri B kò bá sí rárá, AC nìkan ni yóò ru gbogbo 60 kN, yóò gùn sí i ní 0.24 mm, yóò sì ti CB síwájú. 0.24 ju 0.1 lọ, nítorí náà ọ̀pá yóò kan ògiri. 0.14 mm tó kù ni R_B gbọ́dọ̀ tì padà:

```
R_B(0.8 + 2.4)/200000 = 0.24 - 0.1
R_B = 8750 N
```

R_B wá jẹ́ 8.75 kN, R_A sì di 51.25 kN. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: AC gùn sí i ní 0.205 mm, CB kúrú ní 0.105 mm, ohun tó kù ni 0.1. Nípọn bébà kan ti gba nǹkan bí ìdajì ẹrù ògiri B, ó sì gbé e fún ògiri A. Àròpọ̀ wọn ṣì pé 60 bó ṣe ń pé látẹ̀yìnwá.

Ká wá ní àlàfo náà jẹ́ 0.3 mm, tí ẹnì kan kò sì béèrè bóyá ó máa dí. Ìṣirò rẹ̀ yóò fún un ní R_B = -3.75 kN. Àmì yẹn ń sọ pé ògiri ń fa ọ̀pá tí kò tilẹ̀ kàn án. Bí ẹ bá ti rí i báyìí, ẹ mọ̀ pé àlàfo kò dí, R_B jẹ́ òdo, ògiri A ló sì ru gbogbo 60.

Oòrùn náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ká gbà pé mìlímítà kan irin ń gùn sí i ní 0.000012 mm fún ìwọ̀n ooru 1°C. Bí ọ̀pá wa tí kò ní àlàfo bá gbóná sí i ní 10°C, yóò fẹ́ gùn sí i ní 0.12 mm, ògiri kò sì ní gbà fún un. Ìyẹn fi 7.5 kN kún ipá ògiri B, ó sì yọ iye kan náà kúrò nínú ti A: 37.5 àti 22.5. Àárọ̀ tó tutù àti ọ̀sán ọjọ́ kan náà tó láti mú irú ìyàtọ̀ yìí wá.

Ìbáramu náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìlà tí a kọ gbà pé irin ṣì lè padà sí gígùn rẹ̀ bí a bá gbé ẹrù kúrò. Bí irin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yó, FL/AE kò ṣe é lò mọ́ fún apá tó ti yó. Ó tún gbà pé CB kò ní tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń tẹ̀ lórí lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri gidi sì ń sún díẹ̀. Bí ẹ bá mọ iye tó sún, ìhà ọ̀tún kan náà yẹn ni ẹ ó kọ ọ́ sí.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kankan, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ gbólóhùn kan sílẹ̀: "Iye tí AC fi gùn, ká yọ iye tí CB fi kúrú kúrò, ó kù báyìí." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tí "báyìí" jẹ́, bóyá òdo ni, àlàfo ni, tàbí ibi tí ògiri sún dé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti di olùkọ́ tí ẹ ń máàkì irú ìbéèrè yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún gbólóhùn yẹn ní máàkì tirẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ tó sì ṣi ìṣirò ṣe mọ ohun tó ń ṣe ju ẹni tó fi fọ́múlà ṣe kòńgẹ́ ìdáhùn lọ.

Ní tiwa, a ti tún ìbéèrè náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. A kò ro ipá méjèèjì pọ̀ mọ́ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí C wà là ń béèrè.