Ta ni ó ń ba àwòrán tí a ti sanwó fún jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí ó ń ta aṣọ ní Kétu, ra àpótí kékeré kan tí ó máa ń gba fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n náà tuntun ni. Ó sì ń san owó oṣooṣù fún àwòrán tí ó mọ́ kedere. Síbẹ̀, bàìbàì ni fíìmù náà ń rí, bí ẹni pé inú kùrukùru ni a ti ń wò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù kò ṣeé kà. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mẹ́gà òun ni kò tó. Ó rà kún un lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tí ó yí padà.

Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, mo ṣàkíyèsí ohun kan. Àwọn orúkọ fíìmù tí a ń yàn nínú rẹ̀ hàn gbangba lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń ṣú. Mo wo ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń sọ bí àwòrán ṣe rí, mo sì rí 480p. Èyí ni pé ìlà 480 péré ni àwòrán náà ní láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ṣí fíìmù kan náà lórí tẹlifóònù rẹ̀, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà: 1080p ni. Nítorí náà, íńtánẹ́ẹ̀tì kò jẹ̀bi.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí àpótí fíìmù tó fi àwòrán tí ó mọ́ ránṣẹ́ gba inú okùn HDMI, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n pé, «Ìwọ ta ni?» Tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí dá a lóhùn. HDCP ni orúkọ ìbéèrè yìí, iléeṣẹ́ Íńtẹ̀lì ni ó sì ṣe é kí àwọn ènìyàn má baà máa da fíìmù kọ. Bí ohun mìíràn bá wà láàárín àwọn méjèèjì, òun náà gbọ́dọ̀ mọ ìdáhùn. Bí ìdáhùn kò bá péye, àpótí kò ní sọ nǹkan kan. Àwòrán tí kò mọ́ ni yóò gbé jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n yóò dúdú pátápátá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rọ kan láàárín, tí ó ń pín àwòrán lọ sí yàrá ìyá wa. Mo pa gbogbo rẹ̀, mo fa okùn iná wọn yọ fún ìṣẹ́jú kan. Mo yọ ẹ̀rọ apínwòrán kúrò, mo so àpótí mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà. Mo tan tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, lẹ́yìn náà ni mo tan àpótí. Fíìmù kan náà wá di 1080p. Mo dá apínwòrán padà, ó tún di 480p. A ti mú olè náà.

Bí ìsopọ̀ tààrà kò bá yanjú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ okùn, kí ẹ sì dán ihò HDMI mìíràn wò. Ní àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, ihò kan ṣoṣo ni wọ́n kọ HDCP 2.2 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ihò yẹn ni a nílò fún àwòrán onílà 2160. Ọdún 2013 ni ẹ̀dà 2.2 yìí jáde. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà náà kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí okùn tí ó lè kọ́ ọ.

Èmi kò sọ pé kí àwọn tí ó ṣe fíìmù má ṣọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó ní oko ni ó ni ẹ̀tọ́ láti ṣọgbà yí i ká. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, kọ́kọ́rọ́ àgbà tí HDCP àkọ́kọ́ dúró lé bọ́ sí ìta, Íńtẹ̀lì fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń da fíìmù kọ ti mọ bí yóò ti gba ẹ̀yìn ọgbà wọlé. Ẹni tí ó sanwó tí ó sì gba ẹnu ọ̀nà wá ni wọ́n dá dúró.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ìdákẹ́jẹ́ náà. Ẹ̀rọ náà mọ ìdí tí òun fi dín àwòrán kù, àmọ́ kò sọ fún ẹni tí ó ni ín. Ìlà ọ̀rọ̀ kan lójú tẹlifíṣọ̀n ì bá ti tó: «Apínwòrán yín kò dáhùn.» Ó sì tọ́ kí àwọn olùtajà kọ ẹ̀dà HDCP tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ sára páálí rẹ̀, ní lẹ́tà tí ó tóbi, kí ẹni tí ó ń rà á lè kà á kí ó tó san owó.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rí àwòrán tí ó mọ́ báyìí. Ìyá wa kò rí fíìmù wò mọ́ ní yàrá tirẹ̀, àfi kí ó jáde wá sí pálọ̀. Owó mẹ́gà ẹ̀ẹ̀mejì náà sì ti lọ.