Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Nípa Owó Èlé àti Ẹnu Dídùn



Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ròyìn olùkọ́ kan fún yín, tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn.

Ìjì ti ká páànù ilé bàbá yìí nígbà tí aṣojú àwọn olówó èlé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn, wọlé tọ̀ ọ́ wá, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó sì ń kì í ní ọmọ Oníkòyí, ọmọ Ẹ̀ṣọ́, títí orí bàbá fi wú. Bàbá kò fẹ́ yá owó, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ni ó bá ń wá àwáwí. Ó ní òun kò ní onídùúró. Aṣojú ní ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti tó. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì náà kò pọ̀. Aṣojú ní àwọn yóò fi oṣù mẹ́wàá gba owó àwọn padà díẹ̀díẹ̀. Kò sí àwáwí tí bàbá ṣe tí aṣojú kò rí èsì fún.

Nígbà tí aṣojú tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, bàbá mú bírò àti ìwé, ó ní kí ó ka iye tí yóò wọ ọwọ́ òun àti iye tí òun yóò san. ₦200,000 ni owó náà, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ yọ ₦10,000 owó fọ́ọ̀mù. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, tí aṣojú pè ní owó táṣẹ́rẹ́. Bàbá ṣírò rẹ̀: ₦30,000 lóṣooṣù, ₦300,000 lóṣù kẹwàá, lórí ₦190,000 tí yóò dé ọwọ́ rẹ̀. Ó tún rí i pé, ní oṣù tí ó kẹ́yìn, tí ojú owó bá ku ₦20,000 péré, èlé ₦10,000 kò ní yẹ̀, nítorí orí odidi owó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà á lé, bí ẹni pé kò tíì san kọ́bọ̀. Wọ́n sì tún fẹ́ gba káàdì báńkì rẹ̀ pamọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣírí rẹ̀.

Bàbá pa ìwé dé. Ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. N kò yá.”

“Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“O ò ṣẹ̀ mí. N kò yá.”

Ó dákẹ́. Aṣojú kò rí àwáwí kankan dáhùn mọ́, ó sì dágbére. Owó àjọ ni bàbá fi kan páànù rẹ̀, yàrá kan lẹ́yìn èkejì.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi owó lọ̀ lórí fóònù lójoojúmọ́, ẹ kọ iye tí yóò wọlé àti gbogbo iye tí yóò jáde sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ mú ìwé lọ sílé kà, ẹ má gba owó rẹ̀. Bí ẹ bá sì kọ̀, ẹ kọ̀ ọ́ láìrojọ́, nítorí ọ̀wọ̀ tí a fi wọ̀ yín kì í ṣe gbèsè tí ẹ gbọ́dọ̀ fi owó èlé san.