Wọ́n Ti Gé Pí-Ó-Pí Kúrò, Àmọ́ Ọwọ́ Ò Tíì Bọ̀ Sípò

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe níbí ní Kánò, ohun tí mo sì ń rí lára àwa Yorùbá tó ń gbé àdúgbò yìí ló mú mi kọ èyí. Tí ẹnì kan bá ṣubú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀, tí eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n á dì í ní pí-ó-pí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé e kúrò, ariwo ọpẹ́ la máa ń pa: "Ó ti tán o!" Èmi ò gbà pé ó ti tán. Ìdajì ìtọ́jú ló kù, ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ìdajì yẹn sì wà.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà ṣe é gan-an ló ń dùn mí. Wọ́n á gé pí-ó-pí, ẹni náà á fi ìborùn gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ní jẹ́ kó mira, torí ẹ̀rù ń bà á pé ó lè tún ṣẹ́. Lọ́jọ́ tí kò bá wá dùn ún mọ́, á fi ọwọ́ kan náà gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20. Òdìkejì ohun tó yẹ nìyẹn. Ọwọ́ ni kó máa mira láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹrù wúwo ni kó dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, eegun ti so pọ̀, àmọ́ bíi bulọ́ọ̀kù tuntun ló rí: ojú rẹ̀ ti gbẹ, inú rẹ̀ ò tíì le tó kí èèyàn fi kọ́lé lé e. Mímira jẹ́jẹ́ kò lè ṣe é ní nǹkan, ẹrù ló lè ṣe é. Awọ tó yí oríkèé ká ní tiẹ̀ ti sún kì, bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọn ò fi òróró pa. Àwọn iṣan tó ń fa ìka ti fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọjá. Ẹran apá ti fọn, torí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi máa ń tín-ín-rín, tí awọ rẹ̀ ń bó, tó le gan-an, tí kò sì lágbára láti ṣí ìdérí ìgò. Gbogbo èyí kò túmọ̀ sí pé dókítà to eegun náà burú. Bí ọwọ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹ wo ìyá aránṣọ kan ní Sábọ̀n Gàrì, ẹni àádọ́ta ọdún àti díẹ̀, tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tó fi ń di sísọ́ọ̀sì mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n gé pí-ó-pí, tó bá fẹ́ di ẹ̀ṣẹ́, àlàfo bí ìka méjì ṣì máa ń wà láàárín orí ìka rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́. Kò lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ṣéńjì. Àwọn tó wá kí i ní kó jẹ́ kí àwọn mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fi òrí wọ́ ọ, tó sì máa fà á títí á fi nà.

Ibí yìí ni mo ti bá wọn jà. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fi òrí pa awọ tó ń bó, ó tiẹ̀ dára. Àmọ́ kí ẹlòmíì fi agbára fa ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú pí-ó-pí, ìyẹn léwu. Á ya awọ oríkèé tó sún kì, ọwọ́ á tún wú, wíwú náà á sì mú kó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tiẹ̀ lè tún eegun ṣẹ́. Ọwọ́ ẹni ló yẹ kó mi ara rẹ̀, kí ọwọ́ kejì wá ràn án lọ́wọ́ díẹ̀ níparí. Ẹni tó ń mira fúnra rẹ̀ á mọ ibi tó yẹ kóun dúró, ẹni tó ń fà á kò lè mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ìyá náà ń ṣe kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló ń ṣe é lójúmọ́. Kó má baà gbàgbé, a jọ fi ìpè ìrun ṣe àmì: ní gbogbo ìgbà tí ládàánì bá pè, ó ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ yá. Láàárọ̀, á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè rọ̀. Lẹ́yìn náà, á gbé apá lé orí tábìlì, á jẹ́ kí ọwọ́ yọ kọjá etí rẹ̀, á gbé e sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, ìgbà 10. Á tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, á tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìka kékeré, ìgbà 10. Á fi ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara, á yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, á yí i sílẹ̀, ìgbà 10. Ìgúnpá gbọ́dọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, torí tó bá kúrò níbẹ̀, èjìká ló ń bá ọwọ́ yí i, èèyàn á kàn máa tan ara rẹ̀. Paríparí rẹ̀, á di ẹ̀ṣẹ́, á tún na ìka pátápátá, á wá fi orí àtàǹpàkò kan orí ìka kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọwọ́ bá dé tí kò lọ mọ́, á dúró níbẹ̀, á ka ení títí dé àárùn-ún, kó tó dá a padà.

Ṣé kò dùn ún ni? Ó dùn ún o. Ṣùgbọ́n ìrora méjì ló wà. Èyí tó ń fa èèyàn bí aṣọ tó há, tó sì rọlẹ̀ láàárín bíi wákàtí kan, kò burú. Tó bá gún èèyàn bí ọ̀bẹ, kí ó dúró. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọwọ́ wú ju tàná lọ, a jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù, kó dín in kù sí ìdajì. Kí ó má fi sílẹ̀ pátápátá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí ìka ìyá yìí ti kan àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà yẹn la tó bẹ̀rẹ̀ ti agbára. Ó gé fóòmù kékeré, ó ń fún un pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń fi aago kékeré mu tíì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sinmi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó di ìgò omi sẹ́ńtílítà 50 mú, tó wúwo bí ìdajì kílò, ó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó mú ọmọrogùn lásán, ó dì í mú lápá ìsàlẹ̀, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì, torí bí igi bá ṣe gùn tó ni iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ tó fún ọwọ́. Àmàlà gidi ṣì ń dúró. Lẹ́yìn tó pé oṣù mẹ́ta tó ti ṣubú, tí dókítà sì ti wo ẹ́síréè, ló tó gbé korobá tí omi rẹ̀ ò kún. Aṣọ òkè tó nípọn, ó di oṣù mẹ́rin kó tó lè gé e bó ṣe fẹ́. Agbára ọwọ́ náà ṣì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ṣé ó pé bíi ti òsì? Rárá. Tó bá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, tó sì gbé ìgúnpá sókè díẹ̀, ti ọ̀tún kì í tẹ̀ tó ti òsì. Ìyẹn kò dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí fún yín pé gbogbo ọwọ́ ló máa padà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Tí eegun bá so ní wíwọ́, mímira kò lè tọ́ ọ. Tí wọ́n bá sì fi irin sí i nínú, ẹni tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ló máa sọ ìgbà tí ohun kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọdé tún yàtọ̀: ẹ jẹ́ kó máa fọwọ́ náà ṣeré jẹ́jẹ́, ó sábà máa ń bọ̀ sípò fúnra rẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kéèyàn fi mímira yanjú nílé. Tí ọwọ́ bá ń jó bí iná ju bó ṣe yẹ lọ, tó wú, tí awọ rẹ̀ ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà tàbí tó ń làágùn ju èkejì lọ, ẹ tètè lọ. Tí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e bá ń kú, pàápàá lóru, ẹ lọ. Tí àtàǹpàkò tó ti ń nà dáadáa bá ṣàdédé kọ̀ tí kò nà mọ́, ó ṣeé ṣe kí iṣan rẹ̀ ti já. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà níbi tí eegun ò ti yẹ̀ rárá. Kò sí òrí tó lè so iṣan pọ̀. Fún àwa tó wà ní Kánò, ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dàlá. Ẹ̀yin tó wà níbòmíì, ẹ béèrè ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ẹbí ni pé kí ẹ má ṣe kúrò níwájú dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé pí-ó-pí láìjẹ́ pé ẹ béèrè ohun mẹ́ta. Ṣé ẹ́síréè fi hàn pé eegun ti so? Ìgbà wo ni mo lè gbé ẹrù, báwo ló sì ṣe lè wúwo tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí mo ṣe máa mi ọwọ́ yìí hàn mí, kí n ṣe é lójú yín. Tí ẹ bá sì délé, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ náà jẹun, kó fi dé bọ́tìnnì, kó fi ká aṣọ. Kẹ́ẹ̀gì omi nìkan ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.