Kí Ẹ Tó Sanwó Tán fún Ẹni Tó Tún Wẹ́búsáìtì Yín Ṣe

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sọ, àwa gan-an la sì jẹ̀bi rẹ̀.

A lẹ pósítà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB mọ́ ògiri, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Kóòdù QR wà lórí rẹ̀. Ọmọ á na fóònù sí i, fọ́ọ̀mù á ṣí, á forúkọ sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọjọ́ Jímọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọmọkùnrin tó ń bá wa tún wẹ́búsáìtì ṣe gbé tuntun jáde. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ohun tí àwọn ọmọ ń rí ni `404 Not Found`. Ìyá kan pè wá láti Ẹ̀pẹ́: "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti fagi lé ẹ̀kọ́ náà ni? Ọmọ mi ti ra dátà lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. 404 kì í ṣe ẹjọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá kọ̀, fóònù á ní òun ò lè dé ibẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n 404 túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà tó gbé wẹ́búsáìtì náà dúró ti dá yín lóhùn: ẹ dé ilé wa, àmọ́ a ò ní ẹni tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ pè. Dátà tuntun ò lè tún ìyẹn ṣe, síìmù tuntun náà ò lè tún un ṣe.

Ojú-ìwé wa ò sọnù. Orúkọ rẹ̀ ló yí. Ti àtijọ́ ń jẹ́ `/eko-ofe.html`. Tuntun, tí wọ́n fi WordPress ṣe, ń jẹ́ `/eko-ofe/`. Lójú tiwa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni.

Ọmọkùnrin wa kọ́kọ́ jiyàn, torí pé ó ń ṣí lórí fóònù tiẹ̀. Fóònù náà ti tọ́jú ẹ̀dà àná pamọ́ ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, fóònù tí kò dé ibẹ̀ rí ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ló wá ní Google á rí tuntun fúnra rẹ̀. Ó lè rí i. Ṣùgbọ́n pósítà ara ògiri ò gbọ́ ti Google. Àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló wà nínú kóòdù yẹn, a ò sì lè pa á rẹ́ lára bébà.

Ohun tó tún un ṣe ò ju ìlà kan lọ, nínú fáìlì `.htaccess`, torí pé Apache ni wẹ́búsáìtì wa ń lò:

```
Redirect 301 /eko-ofe.html /eko-ofe/
```

301 ń sọ pé: ẹni tí ẹ ń wá ti kó lọ pátápátá, ibí ló wà báyìí. Kí ẹnì kan má wá darí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ o. Ẹni tó ń wá fọ́ọ̀mù á bá ara rẹ̀ níbi tí kò sí fọ́ọ̀mù, Google fúnra rẹ̀ sì lè kà á sí 404. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ síbi tirẹ̀ gan-an. Google ní kí a fi irú ìdarí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún 1 ó kéré tán. Àwa ò ní yọ tiwa láé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kan ìjọ nìkan. Lọ́dún 2022, Pọ́lì Ìkòròdú di yunifásítì LASUSTECH, kọ́lẹ́ẹ̀jì Nọ́forìjà ní Ẹ̀pẹ́ sì wọ inú LASUED. Bí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ bá yí, àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ṣì wà nínú lẹ́tà àti ìwé tí àwọn èèyàn ti tẹ̀ jáde káàkiri. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, ti kọ ọ́ láti 1998 pé àdírẹ́ẹ̀sì kì í dédé yí, èèyàn ló ń yí i.

Èrò tiwa rèé: ẹ má sanwó tán fún ẹni tó tún wẹ́búsáìtì yín ṣe títí yóò fi kó gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ jọ sórí bébà, kó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jọ tẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lórí pósítà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀.

Bí 404 bá wá dé bá yín níbi tí ẹ ò láṣẹ, ẹ lọ sí `web.archive.org`, kí ẹ lẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ó rí i kà. Fọ́ọ̀mù ò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣá o.

Fọ́ọ̀mù tiwa ti ń ṣí báyìí. Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Kí ọmọ yín tún na fóònù sí pósítà yẹn.